Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn alámòójútó gúrúùpù àdìrẹ ní Abẹ́òkúta: yíyọ pósìtì tó rú òfin kúrò àti kíkọ ọ́ sílẹ̀

Gúrúùpù WhatsApp àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú àti àyíká rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí dá lé. Níbi tí Telegram bá ti yàtọ̀, a sọ ọ́.

Mo rí pósìtì tó rú òfin. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. WhatsApp kò ní ibì kankan tó ń kó ohun tí ádímìn yọ pamọ́ sí. Bí ẹ bá ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ fún gbogbo èèyàn, ẹ̀yin fúnra yín kò ní rí i mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ bá ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló kù, tiyín sí tirẹ̀.

Fọ́tò náà gbọ́dọ̀ fi ẹni tó fi ọ̀rọ̀ síta hàn, àkókò tó fi í síta, àti ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Bí ó bá gùn ju ojú fóònù lọ, ẹ ya méjì, kí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ti àkọ́kọ́ sì tún hàn lókè ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ fo nǹkan láàárín. Aago nìkan ló máa ń wà lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kì í sí níbẹ̀. Ẹ fa ojú ìwé náà díẹ̀ kí ọjọ́ tó máa ń yọ lókè tó hàn, kí ẹ tó ya á.

Bó bá jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, fọ́tò kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ kọ gbólóhùn tó rú òfin náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó ti jáde.

Báwo ni mo ṣe ń yọ ọ́ kúrò gan-an?

Lórí fóònù Android, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, ẹ tẹ àmì garawa ìdọ̀tí tó yọ lókè, kí ẹ wá mú "Delete for everyone". Bó bá jẹ́ fọ́tò aṣọ mẹ́fà ló fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rí i dájú pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ẹ mú. Fọ́tò kan tó ṣẹ́ kù ti tó láti mú kí wọ́n tún béèrè iye owó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọwọ́ ṣèèṣì tẹ "Delete for me". Lójú tiyín, ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Lójú gbogbo gúrúùpù, ó wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀, torí fóònù tiyín nìkan ló ti pòórá. Bí ẹ bá tètè rí i, "Undo" máa ń yọ nísàlẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ó bá ti kọjá lọ, ẹ pe ádímìn mìíràn kí ó bá yín yọ ọ́. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ ni pé, nígbà tí iṣẹ́ náà bá lọ dáadáa, àkọlé kan máa ń dúró ní ipò ọ̀rọ̀ náà pé ádímìn ti pa á rẹ́. Bí kò bá sí àkọlé kankan níbẹ̀, ẹ kò tíì yọ nǹkan kan kúrò.

Ṣé wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo yọ ọ́?

Wọ́n á mọ̀. Orúkọ ádímìn máa ń hàn nínú àkọlé náà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ ránṣẹ́ sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀ kí ó tó di ìjà ní gbangba, kí ẹ sì dárúkọ nọ́ńbà òfin tó rú. Èèyàn máa ń fara mọ́ "òfin kẹrin" ju "mo rí i pé kò dáa" lọ.

Ọjọ́ mélòó ni mo ní kí ó tó pẹ́ jù?

Bíi ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, "Delete for me" nìkan ni yóò kù fún yín, ẹni tó kọ ọ́ pàápàá kò sì lè pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn mọ́. Ohun tó kù ní ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ àtúnṣe síta, kí ẹ sì fi "Pin" kàn án mọ́ òkè gúrúùpù fún ọjọ́ méje.

Nítorí náà, kí alámòójútó kan máa yẹ gúrúùpù wò lárààárọ̀, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́. Ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ayẹyẹ ni pósìtì burúkú máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ gbogbo wa sì máa ń dí.

Kí ló yẹ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀?

Ìlà kan fún ìgbésẹ̀ kan. Nọ́ńbà ìlà, ọjọ́ àti aago, àmì ẹni tó fi pósìtì síta, ohun tó wà nínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan, òfin tó rú, ohun tí ẹ ṣe, àmì alámòójútó tó ṣe é, àti orúkọ fọ́tò ẹ̀rí. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

```
38 | 14/03 20:31 | A-112 | fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn | òfin 4 | yọ pósìtì 1, èsì 1 | M2 | 38a.png 38b.png
```

A-112 ni àmì ọmọ ẹgbẹ́ náà. Àkójọ tó sọ ẹni tí A-112 jẹ́ wà lọ́tọ̀, lọ́wọ́ èèyàn méjì péré. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù kún inú ìwé náà fúnra rẹ̀, torí ìwé tí alámòójútó márùn-ún ń ṣí lórí fóònù márùn-ún kò ní pẹ́ jáde síta.

Nọ́ńbà ìlà ló tún ń so gbogbo nǹkan pọ̀. Orúkọ fọ́tò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìránṣẹ́ tí ẹ fi sí ẹni náà dárúkọ rẹ̀, bí ẹjọ́ bá sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, "38" ni ẹ ó wá.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi ṣàpèjúwe pósìtì náà?

Ohun tí ojú rí. "Ó fi aṣọ kan náà síta ní ìgbà méje láàárín wákàtí kan" jẹ́ àkọsílẹ̀. "Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀" jẹ́ ìbínú, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ka ìwé náà níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ìbínú yín ni wọn yóò dá lẹ́jọ́. Ẹ má kọ "olè", ẹ má kọ "oníjìbìtì". Ẹ kọ pé ó gba owó ìdá kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn, aṣọ kò sì tíì dé.

Ibo ni kí a kọ ọ́ sí?

Ìwé àfọwọ́kọ dára títí dìgbà tí alámòójútó bá di méjì. Gúrúùpù WhatsApp kékeré tí àwọn alámòójútó ń lò láàárín ara wọn kò dára rárá: ọ̀rọ̀ ń wọ́ ara lórí níbẹ̀, bí wọ́n bá sì tan "Disappearing messages", gbogbo rẹ̀ yóò parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90.

Ohun tí a ń gbà yín níyànjú ni Google Forms tó so mọ́ Google Sheets. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́fà tàbí méje sínú fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ jẹ́ kí òfin jẹ́ ohun tí wọ́n ń mú nínú àkójọ dípò kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Kì í jẹ dátà púpọ̀. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé àyè "Timestamp" máa ń kún fúnra rẹ̀. Alámòójútó kò lè kọ pé aago mẹ́jọ ni òun yọ pósìtì nígbà tó jẹ́ pé aago mọ́kànlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn alámòójútó méjì lè rí pósìtì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni tó kọ́kọ́ rí i kọ "mo wà lórí ẹ̀" sí gúrúùpù kékeré yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà méjì ni yóò wà fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, yóò sì dà bí ẹni pé èèyàn náà ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan fi fọ́tò onígbèsè rẹ̀ síta pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ṣé kí a yọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí ló ń fa ìjà jù, nítorí náà a ó tẹ̀ lé àpẹẹrẹ kan dé òpin. Ká ní ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ta bọ́ńdù aṣọ kan ní àwìn, oníbàárà náà kò sanwó, kò sì gbé fóònù mọ́. Ní 20:14, ìyá náà fi fọ́tò oníbàárà síta, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé ní Aṣèrò, ó sì kọ ọ́ sí i pé "ẹ wo ojú olè". Ní 20:19, ẹlòmíràn fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ó fi èsì sí i. Alámòójútó M2 rí i ní 20:31.

M2 ya fọ́tò ojú fóònù méjì: ti pósìtì àti ti èsì. Ó yọ pósìtì, ó sì tún yọ èsì náà, torí èsì tó fa ọ̀rọ̀ yọ lè ṣì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ bí èyí tí wọ́n fà yọ bá tiẹ̀ ti lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á pa pósìtì rẹ́, nọ́ńbà fóònù á sì máa wò wọ́n nínú èsì. Ó wá kọ ìlà 38 tí ẹ rí lókè yẹn, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá náà ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ kú alẹ́ o, ìyá wa. Mo yọ pósìtì yín ti 20:14 kúrò, ìlà 38 ni. Òfin kẹrin ni: a kì í fi fọ́tò tàbí nọ́ńbà ẹlòmíràn síta láì gba àṣẹ rẹ̀. Gbèsè yín kò di àwátì o. Ẹ fi rìsíìtì àti ọjọ́ tí ẹ ta ọjà ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́."

Ní ọjọ́ kejì ìyá náà mú rìsíìtì wá, gbèsè náà sì dájú. Pósìtì kò padà síbẹ̀, torí gbèsè kò ní kí àdírẹ́sì èèyàn di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá ka á lè ṣi ilé mọ̀. Èyí tí a gbà láyè ni kí ó kọ pé wọ́n jẹ òun ní owó ọjà, láìsí orúkọ àti àwòrán, kí àwọn àgbà sì pe oníbàárà náà. Ìyẹn wọ ìlà tuntun, 41, tó tọ́ka sí 38. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìlà 38.

Mo ti yọ fọ́tò kúrò, àmọ́ wọ́n ní àwọn ṣì rí i.

Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ti rí i kí ẹ tó yọ ọ́ ti rí i. Bí fóònù rẹ̀ bá ń tọ́jú àwòrán fúnra rẹ̀, ó wà nínú fóònù náà, èyí tí wọ́n ti darí síbòmíràn kì í sì í bá ti gúrúùpù lọ. Ìyọkúrò náà sì lè má kẹ́sẹ járí lórí fóònù kan, WhatsApp kò ní sọ fún yín. Nínú àkọsílẹ̀, ẹ kọ "yọ ní 20:34". Ẹ má kọ "ó ti parẹ́ pátápátá".

Bí mo bá lé èèyàn kúrò, ṣé pósìtì rẹ̀ á bá a lọ?

Rárá, lórí WhatsApp gbogbo rẹ̀ yóò dúró síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ pósìtì, kí ẹ tó lé e. Telegram yàtọ̀: ó máa ń jẹ́ kí ádímìn pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn o, torí ẹ̀rí tí ẹ kò tíì ya ń bá a lọ.

Ẹni tí ẹ lé lè fi nọ́ńbà mìíràn padà wọlé. Ẹ lo "Reset link", kí ẹ sì tan "Approve new members".

Telegram ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ṣé ó pọn dandan kí a tún kọ tiwa?

Ó pọn dandan. "Recent actions" ti Telegram máa ń fi ohun tí ádímìn ṣe hàn, ó tiẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ hàn, àmọ́ wákàtí 48 péré ni. Ẹni tí ẹ bá yọ pósìtì rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó sì fẹjọ́ sùn ní ọjọ́ Ajé kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó sọ ohun tí ẹ ṣe, kò sì sọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Ẹ máa dà á kọ sínú ìwé yín lójúmọ́.

Oníbàárà wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago tí a kọ kò bá tòun mu.

Aago orí fóònù kálukú ni WhatsApp máa ń fi hàn. Nígbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa dọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé náà pé aago Nàìjíríà ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnì kan pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló ń tà bí àdìrẹ. Ṣé kí a yọ pósìtì rẹ̀?

Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò kan kò tó láti dá a lẹ́jọ́. Ẹ ní kí ó fi fọ́tò ojú aṣọ àti ẹ̀yìn aṣọ ránṣẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Aṣọ tí a rẹ sínú aró máa ń mu aró dé ẹ̀yìn. Àwọ̀ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í sábà hàn dáadáa lẹ́yìn, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láìsí àṣìṣe kankan láti etí kan dé èkejì. Èyí tí ọwọ́ fi ẹ̀kọ kọ kò lè rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fún un ní wákàtí 24, kí ẹ kọ ìlà kan: "ẹ̀sùn dé, a béèrè fọ́tò méjì". Ìlà tí ẹ kò ti yọ nǹkan kan ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ló fi hàn pé ẹ wádìí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ aago: bí ẹ bá jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ méjì, pósìtì náà kò ní ṣeé yọ mọ́.

A yọ pósìtì ẹni tí kò ṣẹ̀. Ṣé a lè dá a padà?

WhatsApp kò ní bọ́tìnì fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i kí ó tún fi síta, kí ẹ tọrọ àforíjì níbi tí gbogbo gúrúùpù ti rí ìyọkúrò náà, kì í ṣe ní ìkọ̀kọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà tuntun: "ìlà 52 jẹ́ àṣìṣe, òfin 2 kò kàn án". Ẹ má pa ìlà 52 rẹ́. Ìwé tí kò ní àṣìṣe kankan nínú lẹ́yìn ọdún kan ni àwọn èèyàn kì í gbà gbọ́.

Ṣé ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀?

Ó wà. Àwòrán ìbálòpọ̀ tàbí ìhòòhò ọmọdé. Ẹ má ya á, ẹ má tọ́jú rẹ̀, ẹ má darí rẹ̀ sí alámòójútó mìíràn pé kí ó wá wò ó. Apá 23 nínú òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ níní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, kò yọ ẹni tó ní ẹ̀rí lòun ń tọ́jú sílẹ̀.

Ẹ lo "Report" lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ lé ẹni náà, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ó wọ àkọsílẹ̀: aago, nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́, àti pé ẹ ti fẹjọ́ sùn. Ibí yìí nìkan ni a ti ní kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù náà tán, torí ọlọ́pàá yóò béèrè rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí a pa fọ́tò ẹ̀rí rẹ́?

Oṣù mẹ́fà la gbà pé ó tó fún ẹjọ́ tó ti parí. Ìlà rẹ̀ lè dúró, kí fọ́tò lọ. Fọ́tò 38a yẹn ṣì ní ojú àti nọ́ńbà oníbàárà nínú. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ kiri, ẹ̀yin náà ti ń ṣe ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ yọ pósìtì kúrò. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kò fẹ́ kí a tọ́jú dátà èèyàn kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀.

Ẹ gbé fọ́tò sínú fódà tí alámòójútó nìkan lè ṣí, kí ẹ sì pa á rẹ́ nínú fóònù lọ́jọ́ náà. Ẹ yẹ ibi tí fóònù ń kó fọ́tò tí wọ́n ti parẹ́ sí wò pẹ̀lú, torí ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó lọ.

Alámòójútó kan yí àkọsílẹ̀ padà nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báwo ni a ṣe lè mọ̀?

Nínú Google Sheets, ẹ ṣí "File", lẹ́yìn náà "Version history", kí ẹ mú "See version history". Yóò fi hàn yín bí ìwé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹni tó yí i, àti ìgbà tó yí i. Fún àyè kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, kí ẹ mú "Show edit history". Kí èyí tó wúlò, kálukú gbọ́dọ̀ fi àkántì tirẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá ń pín àkántì kan, orúkọ kan náà ni yóò máa hàn níbi gbogbo.

Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ lo "Protect sheets and ranges" kí ẹnì kan péré lè fọwọ́ kan ìlà àtijọ́. Àwọn yòókù yóò máa gba inú fọ́ọ̀mù wọlé. Pósìtì ìbátan kì í ṣe ti alámòójútó náà láti yọ tàbí láti fi sílẹ̀: kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó kọ "ẹ bá mi wò ó" sí gúrúùpù kékeré, kí ẹlòmíràn sì fi àmì tirẹ̀ sí ìlà náà.

Èyí tí ìwé kankan kò lè mú ni pósìtì tó rú òfin tí alámòójútó rí tó sì mójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí alámòójútó mìíràn fa gúrúùpù náà padà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó ka gbogbo pósìtì inú rẹ̀, kí ó sì fi wé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ní ìlà dé ìlà.